Wúrà Ìjẹ̀ṣà àti Odò Ọ̀ṣun: Bí Agbára Ìṣòfin Ṣe Pín Láàrin Ìjọba Àpapọ̀ àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣe pín agbára ìṣòfin láàrin ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀. Wúrà tí a ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú odò Ọ̀ṣun tí ó gba abẹ́ igbó mímọ́ Òṣogbo kọjá. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè bọ́ sí abẹ́ ìpín mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ìdánwò lórí kókó yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin kọ̀ọ̀kan dá lé lórí gan-an. Ìbéèrè mẹ́rin irú èyí tí a máa ń bá pàdé nínú ìdánwò ni a fi parí rẹ̀, a sì dáhùn ọ̀kan nínú wọn ní kíkún.

Ìfáàrà

Àgbẹ̀ kan ní oko kòkó ní agbègbè Àtàkúnmọ́sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Baba baba rẹ̀ ni ó gbin kòkó náà, ẹbí rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn du ú rí. Ní ọjọ́ kan, àwọn awakùsà dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti Àbújá, wọ́n ní wúrà wà nínú ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára àwọn. Ó lọ sí Òṣogbo tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ni ó ni wúrà. Àbújá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ gómìnà ni kí ó lọ.

Àpèjúwe lásán ni àgbẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú ìdáhùn kankan tí wọ́n fún un. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ apá kan nínú òtítọ́. Ohun tí ó fà á ni pé ní ètò ìṣèjọba àpapọ̀, kì í ṣe ìjọba kan ni ó ń ṣe òfin lórí gbogbo nǹkan. Ìwé Òfin ni ó pín iṣẹ́ fún wọn, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ààlà náà ń hàn gbangba bí ààlà oko tí a fi pèrègún dé.

Bí pínpín náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí ọdún 1954 tó dé, àwọn agbègbè ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n ìjọba àárín ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìwé Òfin Líttẹ́tọ̀n ti 1954 ni ó sọ Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè alájọṣe ní tòótọ́. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ tí ìjọba àárín nìkan lè ṣe òfin lé lórí lẹ́sẹẹsẹ, ó to àwọn tí ìjọba méjèèjì lè jọ ṣe, ó sì fi gbogbo èyí tí ó kù sílẹ̀ fún àwọn agbègbè. Agbára yìí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dúró lé lórí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Iléṣà àti Òṣogbo wà lábẹ́ ìjọba yẹn.

Ìlànà náà ni a ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní, àyàfi pé àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ti gùn sí i gidigidi láti ìgbà ìjọba ológun. Nínú Ìwé Òfin 1999, abala 4 ni ó pín agbára náà, Àfikún Kejì ni ó sì to àwọn ọ̀rọ̀ náà. A lè pe ìpín àkọ́kọ́ ní àkọsílẹ̀ àdáṣe: kókó 68 ni ó wà níbẹ̀ ní 1999, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan ni ó sì lè ṣe òfin lé wọn lórí. Ìpín kejì ni àkọsílẹ̀ àjùmọ̀ṣe, níbi tí ìjọba méjèèjì ti lè ṣòfin, ṣùgbọ́n dé ìwọ̀n tí Ìwé Òfin là sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpín kẹta kò ní àkọsílẹ̀ rárá. Agbára àṣẹ́kù ni: ohun gbogbo tí a kò kọ sí ibì kankan, ti ìpínlẹ̀ ni. Oyè jíjẹ jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ ni ó ń darí ètò yíyan Ọwá Obòkun ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Àtáọ́ja ti Òṣogbo, tí kì í ṣe òfin Àbújá.

Wúrà: ti ìjọba àpapọ̀ nìkan

A mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ́ wúrà láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó. Ìtàgúnmódì, Igun àti Ìpérindó wà lára àwọn ibi tí orúkọ wọn kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù keje ọdún 2021, ibi ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá ní agbègbè kan náà yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, àwọn awakùsà kéékèèké wà káàkiri, ẹlòmíràn nínú wọn kò sì ní ìwé àṣẹ kankan.

Kókó 39 nínú àkọsílẹ̀ àdáṣe ni ọ̀rọ̀ kùsà àti ohun àlùmọ́ọ́nì. Abala 4(3) sì sọ ọ́ kedere pé agbára lórí ohun tí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ yìí yọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀. Kókó 39 sọ nípa ẹni tí ó lè ṣe òfin. Abala 44(3) ni ó sọ nípa ẹni tí ó ni ohun ìní: ó fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ tàbí lórí ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí a bá tilẹ̀ gbé kókó 39 kúrò nínú àkọsílẹ̀ àdáṣe ní ọ̀la, wúrà kò ní í di ti Ọ̀ṣun títí a ó fi yí abala 44(3) padà pẹ̀lú. Ìwé Òfin 1999 kọ́ ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 1946 ti fi irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ Adé Ìlú Ọba kí òmìnira tó dé.

Òfin tí ó ń darí iṣẹ́ náà báyìí ni Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007. Ọ́fíìsì tí ó ń tọ́jú ìwé àṣẹ ìwakùsà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ. Kódà bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ wa wúrà fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí iléeṣẹ́ náà sì lọ béèrè ìwé àṣẹ ní Àbújá bíi ti oníṣòwò yòókù. Ọ̀nà yìí ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbà nígbà tí ó dá iléeṣẹ́ Ọmọlúàbí tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì sílẹ̀.

Ilẹ̀: ti gómìnà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìjánu

Bí wúrà bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ tí ó bò ó ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà rẹ̀ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni méjì ni ó ní ọ̀rọ̀ sọ lórí oko kòkó kan náà, ọ̀kan lórí ohun tí ó wà nísàlẹ̀, èkejì lórí ohun tí ó wà lókè.

Ó dà bí ẹni pé gómìnà lè fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dí awakùsà lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Abala 28 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ka wíwá ilẹ̀ fún ìwakùsà mọ́ ohun tí ó ṣe ìlú láǹfààní ju ẹ̀tọ́ ẹnì kan lọ. Abala 22 nínú òfin 2007 tún sọ pé ìwakùsà ni ó ṣíwájú ìlò mìíràn, àti pé bí a bá fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti wa kùsà lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti ní ẹ̀tọ́ sí, gómìnà yóò fagi lé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ náà láàrin 60 ọjọ́. Ọwọ́ gómìnà ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ ni ó ń sọ fún un ohun tí yóò ṣe.

Owó gbà-máà-bínú tí àgbẹ̀ yóò gbà, abẹ́ òfin ìwakùsà ni ó wà, kì í ṣe abẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ohun kan tí ó tún wà fún ìlú ni àdéhùn ìdàgbàsókè tí abala 116 pa láṣẹ. Ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí yóò ṣe fún wọn sínú rẹ̀. Ìlú tí kò bá mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà máa ń gba ẹ̀bùn níbi tí ó yẹ kí ó ti gba àdéhùn.

Níbi ètò ilé kíkọ́ àti títo ìlú, ìpínlẹ̀ lágbára ju bí a ti rò lọ. Ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó pe Agbẹjọ́rò Àgbà Àpapọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ètò ìtòlú jẹ́ agbára àṣẹ́kù, ìpínlẹ̀ ni ó sì ni ín. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè ṣòfin nípa ibi tí a ó kọ́ ilé sí ní Iléṣà, bí ọjà yóò ṣe jìnnà sí òpópónà, àti irú ilé tí a lè kọ́ sí àdúgbò kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó wọ ẹ̀wù ìtòlú fún òfin tí ó jẹ́ òfin ìwakùsà ní ti gidi.

Owó: ibi tí ìṣirò ti ń ya ènìyàn lẹ́nu

Awakùsà a máa san ìṣákọ́lẹ̀ kùsà fún ìjọba àpapọ̀. Orúkọ yìí bá a mu, nítorí ẹni tí ó ni ohun ìní ni a ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Owó náà yóò wọ inú àpò àpapọ̀, abala 162(2) sì pàṣẹ pé ó kéré tán, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá ti ara ohun àlùmọ́ọ́nì wá gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí ohun náà ti jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo rọ̀bì nìkan ni ìdá 13 yìí wà fún. Ohun tí abala náà sọ ni ohun àdáyébá gbogbo. Wúrà wà nínú rẹ̀.

Kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Bí ìṣákọ́lẹ̀ wúrà tí ó ti Ọ̀ṣun wá bá jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà, tí a kò ka owó tí a fi gbà á jọ, mílíọ̀nù 13 yóò kọ́kọ́ padà sí Òṣogbo. Yóò ku mílíọ̀nù 87. Ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ìpín tí a ń lò, ìjọba àpapọ̀ yóò mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 45.8. Gbogbo ìpínlẹ̀ 36 yóò jọ pín ìdá 26.72, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 23.2, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì pín ìdá 20.60, nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.9. Ọ̀ṣun yóò tún rí tirẹ̀ nínú mílíọ̀nù 23.2 náà, ṣùgbọ́n òun àti ìpínlẹ̀ 35 mìíràn ni yóò jọ pín in. Kò sì sí ohun tí ó wà nínú abala 162(2) tí ó fi ipá mú ìpínlẹ̀ láti ná mílíọ̀nù 13 náà sí Ìtàgúnmódì tàbí Ìpérindó.

Ìpínlẹ̀ kò ṣófo ní ti owó-orí. Owó-orí lórí èrè iléeṣẹ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n owó-orí tí a ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á. Ibí yìí ni aáwọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ìpínlẹ̀ àti iléeṣẹ́ ńlá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí onímọ̀ òfin yóò bi ni pé: ṣé owó tí ìpínlẹ̀ ń bèèrè jẹ́ owó-orí òṣìṣẹ́, àbí owó tí a gé lé wúrà fúnra rẹ̀ lórí? Ìpínlẹ̀ lè gba ti àkọ́kọ́, kò lè gba ti èkejì.

Odò: níbi tí ìpín mẹ́ta ti pàdé

Odò Ọ̀ṣun ti ilẹ̀ Èkìtì wá, ó gba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù títí dé ọ̀sà Èkó. Àwọn odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn sínú rẹ̀. Nígbà tí awakùsà bá fọ wúrà nínú ọ̀kan lára wọn, ẹrẹ̀ àti ohun tí a fi ń yọ wúrà lè bá omi lọ. Láti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni omi tí ó gba ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun kọjá ní Òṣogbo ti pọ́n, tí àwọn abọ̀rìṣà tí ń bu omi náà mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun sì ń gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún.

Igbó náà kì í ṣe igbó lásán. Ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965. Ní 2005, àjọ Yunẹ́síkò kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àjọni ayé, ní ìwọ̀n hẹ́kítà 75. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí wà nínú àkọsílẹ̀ àjùmọ̀ṣe. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ lè ṣòfin lórí èyí tí a bá yàn gẹ́gẹ́ bí ti orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìpínlẹ̀ tí ó wà. Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí àwọn tí a kò yàn bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ó fi hàn pé àjùmọ̀ṣe kò túmọ̀ sí pé ẹni méjèèjì ní agbára kan náà lórí ohun kan náà. Ó lè túmọ̀ sí pé a la ohun náà sí méjì, kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀.

Òfin ìwakùsà 2007 tilẹ̀ dáàbò bo igbó náà dé àyè kan. Ó ka àwọn ibi mímọ́ àti ibi tí òfin ohun ìrántí orílẹ̀-èdè bò mọ́ ilẹ̀ tí ìwé àṣẹ ìwakùsà kò lè dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni òfin náà fi ọgbà yí ká. Ẹni tí ó ń fọ wúrà ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ igbó náà rárá, síbẹ̀ omi rẹ̀ ń dé ibẹ̀.

Ta ni ó wá lè ṣòfin lórí omi náà? Kókó 64 nínú àkọsílẹ̀ àdáṣe fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní agbára lórí omi láti orísun tí ó bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Ọ̀rọ̀ àyíká gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ gbogboogbò kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, nítorí náà ìpínlẹ̀ lè sọ pé agbára àṣẹ́kù ni. Ìjọba àpapọ̀ lè dáhùn pé ìdọ̀tí tí ó ti ara ìwakùsà wá jẹ́ ohun tí ó rọ̀ mọ́ ìwakùsà, kókó 68 sì fún òun ní agbára lórí ohun tí ó bá rọ̀ mọ́ kókó yòókù. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá dá lé ìmọ́tótó omi fún gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ awakùsà, aláró tàbí iléeṣẹ́ ọṣẹ, ó ní ẹsẹ̀ tí ó lè dúró lé. Bí ó bá dárúkọ awakùsà nìkan, tí ó sì ń sọ bí yóò ṣe wa kùsà, ẹsẹ̀ náà á yẹ̀.

Ìbéèrè ìdánwò

Àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e yìí jọ irú èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń ṣe lórí kókó yìí.

1. Fi àpẹẹrẹ láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe ìyàtọ̀ láàrin àkọsílẹ̀ àdáṣe, àkọsílẹ̀ àjùmọ̀ṣe àti agbára àṣẹ́kù.

2. “Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni wúrà, gómìnà ni ó ni ilẹ̀.” Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó?

3. Ká ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin kan tí ó ní abala mẹ́ta. Abala kìíní sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láìgba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Abala kejì gé owó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé gbogbo wúrà tí a bá wà. Abala kẹta ka dída ìdọ̀tí sínú odò tàbí ìṣàn-omi kankan ní ìpínlẹ̀ náà léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Iléeṣẹ́ kan tí ó ní ìwé àṣẹ láti Àbújá fẹ́ ta ko òfin náà. Gbà á nímọ̀ràn.

4. Ṣé ó yẹ kí a gbé ohun àlùmọ́ọ́nì lọ sí àkọsílẹ̀ àjùmọ̀ṣe? Ṣàlàyé ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta

Ohun àkọ́kọ́ tí olùdáhùn yóò ṣe ni láti bèèrè ohun tí abala kọ̀ọ̀kan dá lé ní ti gidi, láìwo orúkọ tí òfin náà ń jẹ́. Abala kìíní dá lé ẹni tí ó lè wa kùsà. Kókó 39 nìyí. Ìpínlẹ̀ kò ní agbára láti ṣe é, abala náà sì jẹ́ asán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Wọn á sáré lọ sí abala 4(5), èyí tí ó sọ pé bí òfin ìpínlẹ̀ bá ta ko òfin àpapọ̀, ti àpapọ̀ ni yóò borí. Ṣùgbọ́n ìtakora ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbà pé ìjọba méjèèjì ní agbára láti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò ní oko níbẹ̀ rárá kò ní ààlà kankan tí ó lè bá ẹlòmíràn jà lé lórí. Kódà bí Àbújá kò bá tíì ṣe òfin kankan lórí ìwakùsà, abala kìíní yóò ṣì jẹ́ asán, nítorí abala 4(3) ti yọ ìpínlẹ̀ sílẹ̀.

Abala kejì pe ara rẹ̀ ní owó, ṣùgbọ́n iye wúrà tí a wà ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni ó sì gé e lé. Òun náà yóò ṣubú. Olùdáhùn tí ó bá fẹ́ fi òye rẹ̀ hàn yóò fi kún un pé ọ̀nà tí Ìwé Òfin là fún ìpínlẹ̀ láti jẹ nínú ìṣákọ́lẹ̀ ni ìdá 13, àti pé owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà fún un.

Abala kẹta ni ó ṣòro. Kò dárúkọ awakùsà, gbogbo ènìyàn ni ó bá wí. Ìpínlẹ̀ yóò sọ pé agbára àṣẹ́kù ni òun lò. Iléeṣẹ́ yóò sọ pé odò Ọ̀ṣun kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, àti pé òfin àpapọ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀ lórí ìdọ̀tí ìwakùsà. Níbi tí ìjọba méjèèjì bá ti ní agbára, ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn pe ìjọba àpapọ̀ ní 1982 wúlò: òfin ìpínlẹ̀ tí ó bá sọ ohun kan náà pẹ̀lú ti àpapọ̀ kò di asán, sísùn ni ó ń sùn títí òfin àpapọ̀ yóò fi kúrò nílẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni pé abala kẹta lè dúró fún ìṣàn-omi tí kò jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò dájú fún odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè méjì. Ṣé ìṣubú abala méjì yóò fa ẹ̀kẹta lulẹ̀? Rárá, bí ẹ̀kẹta bá lè dá dúró láìsí wọn, ilé-ẹjọ́ lè gé e yọ. Níbo ni iléeṣẹ́ yóò pẹjọ́ sí? Abala 251 fi ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ kùsà sí ọwọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ pe Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn, abala 232 gbà á láyè láti lọ tààrà sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ní oṣù kẹrin ọdún 2002, ìdájọ́ wáyé nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36, tí Ọ̀ṣun wà nínú wọn, lórí owó ohun àlùmọ́ọ́nì inú òkun.

Atọ́nà fún ìbéèrè yòókù

Fún ìbéèrè kìíní, wúrà, igbó Ọ̀ṣun àti oyè jíjẹ ti tó. Kí olùdáhùn má kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú Ìwé Òfin. Méjì ni, agbára àṣẹ́kù kò ní àkọsílẹ̀. Fún ìbéèrè kejì, kí ó fi abala 44(3) ṣe ẹ̀rí gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ó wá fi abala 28 Òfin Ìlò Ilẹ̀ àti abala 22 òfin ìwakùsà fi hàn pé gbólóhùn kejì ní ìjánu.

Fún ìbéèrè kẹrin, abala 9 ni ó la ọ̀nà àtúnṣe. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán sì gbà á. Ọ̀nà yìí ṣeé rìn: ní 2023, a gba ọ̀nà náà gbé ojú irin àti ọgbà àtúnṣe kúrò nínú àkọsílẹ̀ àdáṣe, a sì fẹ agbára ìpínlẹ̀ lójú lórí iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún wúrà gbọ́dọ̀ rántí pé abala 44(3) ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ lè sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó ní ohun àlùmọ́ọ́nì púpọ̀ yóò fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn.

Àgbálọgbábọ̀

Bí àgbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bá rí agbẹjọ́rò tí ó mọṣẹ́, kò ní í fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láàrin Òṣogbo àti Àbújá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, Àbújá ni. Fífagi lé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ gómìnà ni, kí ó sì wò ó bóyá a tẹ̀ lé ìlànà. Owó gbà-máà-bínú, abẹ́ òfin ìwakùsà ni, lọ́wọ́ ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ. Àdéhùn ìdàgbàsókè, ìlú rẹ̀ ni yóò jókòó ṣe é. Ní ti omi tí ó ń ṣàn láti ẹ̀bá oko rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ìjọba méjèèjì ni ó lè na ọwọ́ sí i, èyí náà sì ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti máa wo ojú èkejì.